Ìgòkè ni àbí rénjì? Bí a ṣe ń fi ṣóńṣó àti kòtò dá ìrìn ọjà mọ̀

Ká ní iye ọjà kan bẹ̀rẹ̀ láti 100, ó sì wà ní 119 lónìí. Ẹni tó bá gán-án-ní ṣáàtì rẹ̀ yóò sọ pé ó ń gòkè, kò sì parọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé láti oṣù kan àbọ̀ sẹ́yìn, àárín 110 sí 119 ni iye náà ti ń lọ tó ń bọ̀, ìgòkè yẹn ti dúró tipẹ́, ó ti di rénjì: òkè rẹ̀ ni a ń pè ní àjà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀. Ẹni tó bá rà á ní 119, abẹ́ àjà ló ti rà á, ilẹ̀ ló sì ṣeé ṣe kí iye náà tún forí lé. Ojú lásán kì í sábà dá méjèèjì mọ̀. Kíkà la máa ń kà á, bí ẹni ń ka àtẹ̀gùn: a ó mú àwọn ibi tí iye ti yíjú padà, a ó kọ wọ́n sílẹ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, a ó sì fi èyí tó dé kẹ́yìn wé èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí iye gòkè dé kó tó yíjú wálẹ̀ ni àwọn tírédà ń pè ní suwíǹgì háì. Ibi tó wálẹ̀ dé kó tó yíjú sókè ni suwíǹgì lóò. Ṣóńṣó àti kòtò ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín, torí bí wọ́n ṣe rí lórí ṣáàtì nìyẹn. Òye náà ti pẹ́. Inú ohun tí Charles Dow, tó kú ní 1902, kọ sínú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti fà á yọ: ọjà tó ń gòkè, ṣóńṣó rẹ̀ tuntun á ga ju ti àtẹ̀yìnwá, kòtò rẹ̀ tuntun náà á sì ga ju ti àtẹ̀yìnwá. Nínú rénjì ẹ̀wẹ̀, àwọn ṣóńṣó á máa kóra jọ sí ojú kan náà, àwọn kòtò náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀.

Gbólóhùn yìí rọrùn láti sọ, àmọ́ ó fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀. Ṣóńṣó wo la ó kà? Ó gbọ́dọ̀ fi mélòó ga kí a tó sọ pé ó ga? Bí ṣóńṣó bá sì ń sọ ohun kan, tí kòtò ń sọ òmíràn, èwo la ó gbọ́? Kòtò ni mo máa ń gbọ́, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ fi òfin lélẹ̀ kí ẹ tó ṣí ṣáàtì

Àbẹ́là ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan lórí ṣáàtì, tó ń fi ìrìn iye láàárín àkókò kan hàn; òwú ni ìlà tín-ín-rín tó yọ lókè tàbí nísàlẹ̀ ara rẹ̀. Òfin tí mò ń lò rèé. Àbẹ́là kan jẹ́ ṣóńṣó bí orí rẹ̀ bá ga ju orí àbẹ́là mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ àti ti mẹ́ta tó tẹ̀ lé e lọ. Ó jẹ́ kòtò bí ìdí rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ìdí mẹ́ta tó ṣáájú àti mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ibi tí òwú àbẹ́là náà dé ni mò ń kà, kì í ṣe ibi tí ara rẹ̀ mọ. Bí ṣóńṣó méjì bá tẹ̀ léra láìsí kòtò láàárín wọn, èyí tó ga jù ni mo máa ń mú. Bó bá jẹ́ kòtò méjì, èyí tó rẹlẹ̀ jù.

Ẹnikẹ́ni kò fi mẹ́ta ṣe òfin fún wa. Àwọn kan ń lo méjì, àwọn mìíràn ń lo márùn-ún. Bí nọ́ńbà náà bá kéré, gbogbo ìmì ọjà ló máa di ṣóńṣó tàbí kòtò. Bó bá tóbi, ìyíjú ńlá nìkan la ó rí, yóò sì pẹ́ kí a tó rí i. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan kí ẹ tó ṣí ṣáàtì, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé ohun tó fi hàn kò wù yín.

Ohun tó kọ́ mi ni mò ń sọ yìí. Ojú ni mo fi ń yan ṣóńṣó fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá ti rà tán, òwú tó bá gbè mí lẹ́yìn á di kòtò, èyí tó bá takò mí á di ariwo ọjà lásán. Lọ́jọ́ kan mo nu gbogbo àmì tí mo ti fi sórí ṣáàtì kan, mo sì tún un ṣe lẹ́yìn tí mo ti tà tí n kò ní nǹkan kan nínú ọjà náà mọ́. Nínú kòtò mẹ́fà àtijọ́, mẹ́ta péré ni mo tún fọwọ́ ara mi sàmì sí. Mẹ́ta yòókù, ìfẹ́ inú mi ló gbẹ́ wọn.

Òfin yìí ń mú ìdádúró wá, kò sì sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Àbẹ́là mẹ́ta tó tẹ̀ lé ṣóńṣó gbọ́dọ̀ parí kí a tó mọ̀ pé ṣóńṣó ni. Lórí ṣáàtì tí àbẹ́là kan dúró fún ọjọ́ kan, ọjọ́ òwò mẹ́ta nìyẹn, iye sì ti lè rìn jìnnà kó tó pé. Ẹni tó bá ń lo TradingView, ojú òpó tí a ti ń wo ṣáàtì, lè jẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun sàmì sí wọn báyìí:

```
//@version=5
indicator("Swing", overlay=true)
n = 3
ph = ta.pivothigh(high, n, n)
pl = ta.pivotlow(low, n, n)
plotshape(not na(ph), style=shape.triangledown, location=location.abovebar, offset=-n)
plotshape(not na(pl), style=shape.triangleup, location=location.belowbar, offset=-n)
```

Ẹ kíyè sí `offset=-n` tó wà níparí. Òun ló ń fa àmì náà padà sórí àbẹ́là tó jẹ́ ṣóńṣó gan-an, kó lè bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ohun kan náà ló sì ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ bá ń wo ṣáàtì àtijọ́, ẹ ó rí àmì kòtò lábẹ́ àbẹ́là tó rẹlẹ̀ jù, ẹ ó sì máa wí pé, "Ibí yìí ni ǹ bá ti rà." Irọ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn, àmì náà kò tíì sí. Ẹ ka àbẹ́là mẹ́ta síwájú láti ibẹ̀, kí ẹ wo iye tí ọjà parí sí lórí ìkẹta. Ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́kọ́ lè mọ̀. Ọ̀pọ̀ èrò òwò tó dára lórí ṣáàtì àtijọ́ tó wá dojú rú nígbà tí owó dé ọ̀rọ̀, àbẹ́là mẹ́ta yìí ni wọn kò kà.

Mélòó ni "ó ga jù"?

Bí ṣóńṣó kan bá wà ní 118, tí èyí tó tẹ̀ lé e wà ní 118.3, ṣé ó ga jù ú? Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iye kì í padà sí nọ́ńbà kan náà gẹ́lẹ́. Yóò kù díẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ìyàtọ̀ bíńtín sí "ó ga" tàbí "ó rẹlẹ̀", a kò ní rí rénjì láéláé. Gbogbo rénjì ni yóò máa dà bí ìgòkè fún ọ̀sẹ̀ kan, tí yóò sì dà bí ìsọ̀kalẹ̀ fún èkejì. Nítorí náà, a nílò ohun tí a ó fi sọ pé méjì dọ́gba.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni ATR, tí J. Welles Wilder gbé jáde ní 1978. Ó ń sọ bí iye ṣe ń rìn tó nínú àbẹ́là kan, ní ìpíndọ́gba. Bí iye bá fò láàárín ìparí àná àti ìbẹ̀rẹ̀ òní, ó ń ka ìfò náà mọ́ ọn. Àbẹ́là 14 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀. Ìdajì ATR ni àlàfo tí mò ń fún ọjà: ìyàtọ̀ tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo kà á sí dọ́gba. Èmi ni mo yan ìdajì náà, ẹlòmíràn lè yan ìdámẹ́ta kí tirẹ̀ sì dára. Àǹfààní ATR ni pé ó ń tẹ̀ lé ìwà ọjà náà. Ọjà tó ń fi 4 rìn lójúmọ́ kò lè ní àlàfo kan náà pẹ̀lú èyí tó ń fi 0.4 rìn.

ATR kan náà ń sọ ohun mìíràn fún wa. Bí àjà àti ilẹ̀ tí ẹ rí kò bá jìnnà síra ju ìlọ́po méjì ATR lọ, ẹ má pè é ní rénjì. Ìrìn àbẹ́là méjì péré ti tó láti kan òkè kó sì kan ìsàlẹ̀. Ẹ lọ sórí ṣáàtì tí àbẹ́là rẹ̀ dúró fún àkókò tó gùn ju ìyẹn lọ.

Kí kòtò ṣe ìdájọ́

Lẹ́yìn èyí, ṣóńṣó méjì tó kẹ́yìn àti kòtò méjì tó kẹ́yìn la ó máa wò, ìyẹn àwọn tí àbẹ́là mẹ́ta wọn ti pé. Bí ṣóńṣó ga sí i, tí kòtò náà ga sí i, ìgòkè ni. Bí méjèèjì dọ́gba, rénjì ni. Bí méjèèjì rẹlẹ̀ sí i, ìsọ̀kalẹ̀ ni, èyí tí a kò wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Nígbà mìíràn ọ̀kan á ga, èkejì á dọ́gba; tàbí kí ṣóńṣó máa rẹlẹ̀ nígbà tí kòtò ń ga, tí ọjà ń fún pọ̀; tàbí kí òkè máa ga, kí ìsàlẹ̀ máa jìn, tí ọjà ń fẹ̀. Nínú gbogbo irú èyí, ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀, n kò ní yí i padà títí ẹ̀rí á fi pé.

Kí ló dé tí n kò fi kí ṣóńṣó káàbọ̀ nígbà tó bá ga? Ẹ ronú sí ohun tó wà lókè àjà rénjì. Àwọn tó tà lábẹ́ àjà, tí wọ́n ń retí pé iye máa wálẹ̀ kí wọ́n lè rà á padà, ti fi àṣẹ ìdádúró àdánù wọn sókè rẹ̀ díẹ̀, àṣẹ yẹn sì jẹ́ àṣẹ láti rà. Bí iye bá kan wọ́n, wọ́n á máa rà tipátipá, iye á sì yọ orí sókè fún ìgbà díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ọjà náà ju ti àná lọ. Bí àṣẹ wọ̀nyẹn bá ti tán, iye á padà sínú ilé. A ti rí ṣóńṣó tó ga, àmọ́ kò sí ìgòkè. Ti kòtò yàtọ̀. Kí kòtò tó lè ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn olùrà gbọ́dọ̀ ti wọlé kí iye tó dé ibi tí wọ́n ti dúró dè é nígbà tó kọjá. Wọ́n gbà láti san owó tó pọ̀ sí i.

Mo tún fi ìlànà kan kún un fún ọjà tí a bá ti pè ní rénjì. Kòtò tó bá ga nígbà tí iye ṣì wà láàárín ògiri, ìyẹn àjà àti ilẹ̀, kò tó láti mú un jáde. Iye gbọ́dọ̀ parí kọjá àjà, kó yíjú wálẹ̀, kó sì gbẹ́ kòtò tuntun tó ga ju ti ìṣáájú. Kòtò tó wá lẹ́yìn ìjáde ni mò ń dúró dè.

Ọjà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká gba ọjà kan tí mo ṣe nọ́ńbà rẹ̀ fún àlàyé. Àbẹ́là rẹ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́, ATR rẹ̀ jẹ́ 4, nítorí náà àlàfo wa jẹ́ 2. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé mi nìyí, K fún kòtò, Ṣ fún ṣóńṣó:

K1 100, Ṣ1 112, K2 105, Ṣ2 118, K3 110.5, Ṣ3 119, K4 111, Ṣ4 121.5, K5 110, Ṣ5 118.5, K6 114, Ṣ6 125, K7 119.5.

Nígbà tí K3 fi pé, ṣóńṣó ti fi 6 ga, láti 112 sí 118. Kòtò ti fi 5.5 ga, láti 105 sí 110.5. Méjèèjì ju 2 lọ. Ìgòkè ni, kò sí àríyànjiyàn.

Ṣ3 wá dé ní 119. Ó fi 1 péré ju Ṣ2 lọ, ìyẹn sì wà nínú àlàfo, nítorí náà wọ́n dọ́gba. N kò tíì yí ìdájọ́ padà. Nígbà tí K4 dé ní 111, tó fi 0.5 ju K3 lọ, kòtò náà ti dọ́gba. Rénjì ni báyìí: àjà wà ní 118 sí 119, ilẹ̀ wà ní 110.5 sí 111. Láti 110.5 sí 119 jẹ́ 8.5, ó fi díẹ̀ ju 8 lọ, ìyẹn ìlọ́po méjì ATR. Ó kàn tó ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìdàrúdàpọ̀ kankan nígbà tí ìgòkè náà parí. Iye kò já wálẹ̀, ìròyìn burúkú kò dé. Ó kàn dẹ́kun gígun òkè.

Ṣ4 ló máa dẹ ọ̀pọ̀ èèyàn wò. 121.5! Ó fi 2.5 ju Ṣ3 lọ, ó sì kọjá àlàfo wa. Ẹni tó bá ń fi ṣóńṣó nìkan ṣe ìdájọ́ á pariwo ìgòkè. Ṣùgbọ́n àbẹ́là ọjọ́ náà parí sí 118.6, lábẹ́ 119. Òwú rẹ̀ nìkan ló yọ sókè bí ẹni yọjú lójú fèrèsé tó sì padà sínú. Ohun tó tẹ̀ lé e ni K5, ní 110, tó dọ́gba pẹ̀lú K4. Ọjà padà sí ilẹ̀. Ẹni tó rà nígbà tí òwú náà ń yọ ti wo iye tó wálẹ̀ tó 11. Rénjì ṣì ni, àmọ́ mo gbé òkè àjà dé 121.5 nínú ìwé mi, kí n má bàa fi ibi tí wọ́n ti tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣe ibi ìjáde.

Ṣ5 kò ga tó Ṣ4; ó dúró ní 118.5. K6 wá dé ní 114, ó fi 4 ga ju K5 lọ. Ohun kan ti yí padà: àwọn olùrà kò jẹ́ kí iye tún dé ilẹ̀. Mo fi ilà sábẹ́ nọ́ńbà yẹn nínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹlẹ̀ sí i, kòtò ga sí i. Ọjà ń fún pọ̀ ni, ó sì ṣì wà láàárín ògiri.

Lẹ́yìn náà àbẹ́là kan parí sí 123, kọjá 121.5. Iye gùn dé Ṣ6 ní 125, ó yíjú, ó sì wálẹ̀ dé K7 ní 119.5. Nígbà tí àbẹ́là mẹ́ta tó tẹ̀ lé K7 pé, ọjà wà ní 122.5. Ṣ6 fi 3.5 ju òkè àjà lọ, K7 fi 5.5 ju K6 lọ, àjà àtijọ́ sì ti di ibi tí iye ti gbé ẹsẹ̀ lé. Ìgòkè ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìdúró yìí ná wa àti ohun tó fún wa. Ẹni tó rà lọ́jọ́ ìjáde ní 123 kò ní kòtò mìíràn tó dájú ju K6 lọ. Bó bá fi àṣẹ ìdádúró àdánù sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo 2, yóò wà ní 112, ewu rẹ̀ lórí ẹyọ kan jẹ́ 11. Ẹni tó dúró de K7 rà ní 122.5, ìdádúró rẹ̀ wà ní 117.5, ewu rẹ̀ jẹ́ 5. Pẹ̀lú owó kan náà tí wọ́n fẹ́ fi wewu, ẹni kejì lè ra ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rà.

Kò fìgbà gbogbo dùn báyìí o. Nígbà mìíràn iye á jáde, kò sì ní bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí kòtò àkọ́kọ́ bá fi hàn, ó ti di 140. Ẹni tó ń lo ọ̀nà yìí yóò máa pàdánù irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kò sì sí àtúnṣe kan tí kò ní tún gba irọ́ Ṣ4 wọlé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kòtò tó tẹ̀ lé ìjáde á lọ sí 113. Ìyẹn dọ́gba pẹ̀lú K6, ìjáde náà sì ti di òfo; rénjì tó fẹ̀ dé 125 la wà.

Ṣáàtì méjì, ìdájọ́ méjì

Bí ẹ bá mú ọjà yìí kan náà sórí ṣáàtì ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, K2 àti K4 lè má sí níbẹ̀ rárá, nítorí àbẹ́là mẹ́ta lọ́tùn-ún àti lósì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgòkè ojoojúmọ́ lè jẹ́ ìrìn ẹ̀ẹ̀kan láti ilẹ̀ sí àjà nínú rénjì ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Méjèèjì jẹ́ òótọ́ ní àyè tirẹ̀. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni kí èèyàn mú ṣóńṣó láti orí ọ̀kan, kó mú kòtò láti orí èkejì, kó sì so wọ́n pọ̀ di ìdájọ́ kan. Ṣáàtì tí ẹ ó fi rà ni kí ẹ kà. Ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí mo ń wò níbẹ̀ ni ibi tí àjà rẹ̀ wà: bó bá wà ní 126, ìgòkè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní 122.5 kò ní àyè púpọ̀ níwájú.

Ìgbà tí ìgòkè tuntun yìí yóò parí

Ọ̀nà méjì ló lè gbà parí. Àkọ́kọ́ ni pé kí àbẹ́là kan parí lábẹ́ 117.5, ìyẹn K7 pẹ̀lú àlàfo rẹ̀. Mo ní kó parí síbẹ̀; bí òwú bá kàn tọ́ ọ tó sì padà, ìyẹn kò tíì pa ìgòkè, bó tilẹ̀ lè pa àṣẹ ìdádúró yín. Bó bá parí lábẹ́ rẹ̀, n kò ní pè é ní ìsọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n kò sì ní pè é ní rénjì. Mo kàn ti mú ọ̀rọ̀ ìgòkè kúrò nínú ìwé mi, mo sì ń dúró de ṣóńṣó àti kòtò tuntun. Ọ̀nà kejì kò ní ariwo: Ṣ7 á dé ní 126, K8 á dé ní 120. Méjèèjì wà nínú àlàfo. Iye ṣì wà nítòsí ibi tó ga jù látìgbà tí a ti ń wò ó, ṣáàtì ṣì dùn ún wò, ìgòkè sì ti dúró, pẹ̀lú àjà ní 125 sí 126 àti ilẹ̀ ní 119.5 sí 120. Àárín wọn kò tilẹ̀ tó 8 tí a béèrè kí a tó pè é ní rénjì, nítorí náà ṣáàtì tí àbẹ́là rẹ̀ dúró fún àkókò tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo máa ṣí.